Prógíráàmù Wo Ló Bá Bọ́ọ̀dù Wo Mu? Ohun Tí Ẹnjiníà Tó Ń Lọ Yẹ Kó Kọ Sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí ẹnjiníà kan bá ń fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ àti káàdì ìdánimọ̀. Wọ́n á tún ní kó kọ ìwé ìfaṣẹ́léni-lọ́wọ́ fún ẹni tó ń bọ̀. Òun náà á kọ ọ́ pé gbogbo fáìlì wà nínú fódà báyìí báyìí, pé bí ìṣòro bá yọjú, kí wọ́n pe òun. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ẹni tó gba iṣẹ́ á wá jókòó ti fódà kan tí `board_final`, `board_final2`, `board_final_new` àti `board_USE_THIS` wà nínú rẹ̀. Èwo nínú wọn ló bá ọjà tó wà lọ́wọ́ oníbàárà mu? Ìbéèrè yìí gan-an ni ìwé náà yẹ kó dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà kan tó ti wọ́pọ̀ nínú ilé wa ṣe àpẹẹrẹ: kọ̀ntúrólà sólà, ìyẹn àpótí kékeré tó wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé àti bátìrì, tí kì í jẹ́ kí iná wọ bátìrì kọjá bó ṣe yẹ. Ká ní SC10 lorúkọ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di ọjà yìí: bọ́ọ̀dù tí wọ́n jó àwọn èròjà mọ́, prógíráàmù tó wà nínú áísì orí bọ́ọ̀dù náà, àti kéèsì tó bò wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń yí padà lásìkò tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tó dáa máa ń kọ́kọ́ fi ibi tí nǹkan wà hàn. Fódà SC10 lè rí báyìí:

```
SC10/
  01_board/
  02_firmware/
  03_case/
  04_parts_list/
  05_test/
  08_release/
  09_old/
```

Àwòrán bọ́ọ̀dù wà nínú èkíní, prógíráàmù nínú èkejì, kéèsì nínú ẹ̀kẹta. Àkọsílẹ̀ èròjà tí a ó rà wà nínú ẹ̀kẹrin, ọ̀nà tí a ń gbà dán ẹ̀rọ wò sì wà nínú ẹ̀karùn-ún. Nọ́ńbà iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan wà kí kọ̀ǹpútà lè máa tò wọ́n bákan náà níbi gbogbo. Àwọn fódà márùn-ún yìí ni ibi iṣẹ́: ẹnjiníà lè ṣí wọn, kó tún nǹkan ṣe, kó sì bà á jẹ́ láìṣe ẹnikẹ́ni níbi.

`08_release` ní òfin tirẹ̀. Ohun tí a ti dán wò, tí a sì fọwọ́ sí, nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Bó bá ti wọlé, a óò tì í pa, kí ó ṣeé kà ṣùgbọ́n kí ó má ṣeé yí padà. Ibẹ̀ nìkan ni a ti ń mú fáìlì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ bọ́ọ̀dù. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, a kì í tún un ṣe níbẹ̀: a óò padà síbi iṣẹ́, a óò ṣe ẹ̀dà tuntun, a óò sì gbé ti àtijọ́ lọ sí `09_old`. A kì í pa ti àtijọ́ rẹ́, torí pé ẹ̀rọ tí a fi í ṣe ṣì wà lára ògiri àwọn oníbàárà, wọ́n á sì gbé e wá fún àtúnṣe lọ́jọ́ kan.

Orúkọ fáìlì ló kàn. Ẹ wo èyí: `SC10_board_RC_2024-03-18.zip`. Ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí níbi iṣẹ́ náà lè kà á pé ọjà SC10 ni, bọ́ọ̀dù ni, ẹ̀dà C ni, a sì tì í pa ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, 2024. Ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ sì gbẹ̀yìn, bí ìlànà àgbáyé ISO 8601 ṣe là á kalẹ̀. Bí ọjọ́ bá ṣáájú, kọ̀ǹpútà á to fáìlì ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ṣáájú ti ọjọ́ kejì oṣù Kìíní. Bí ọdún bá ṣáájú, bí fáìlì ṣe tò ni àsìkò wọn ṣe tò.

Kò sí àlàfo nínú orúkọ náà, torí ọ̀pọ̀ prógíráàmù ló máa ń rò pé ibi tí àlàfo wà ni orúkọ parí sí. Kò sí àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, èyí sì kan àwa Yorùbá gan-an. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú «ẹ»: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí gẹ́gẹ́ bí «e» tí a wá fi àmì sí lábẹ́. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. Fáìlì tí ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà kan sọ lórúkọ lè di ohun tí a wá tì lórí òmíràn. Nínú ìwé náà fúnra rẹ̀, kí á fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Nínú orúkọ fáìlì, ó sàn kí á fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ló gba ìtọ́jú jù. Bọ́ọ̀dù ń gba lẹ́tà: RA, RB, RC. Prógíráàmù ń gba nọ́ńbà mẹ́ta, bíi 1.3.2. Bí a bá tún àṣìṣe kékeré ṣe, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló ń yí. Bí a bá fi ohun tuntun kún un tí kò ba ti àtijọ́ jẹ́, ti àárín ló ń yí. Bí prógíráàmù kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀dù àtijọ́, ti iwájú gbọ́dọ̀ yí. Fún SC10, gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 jẹ́ ti RB, gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 sì jẹ́ ti RC.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá ṣì wọ́n gbé? Áísì kò lè gba ju fóòtì 5 lọ, bẹ́ẹ̀ fóòtì bátìrì ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, rẹsítọ̀ méjì ni wọ́n fi ń dín in kù kó tó dé ọ̀dọ̀ áísì. Nínú RB, èkíní jẹ́ kílò-óòmù 100, èkejì jẹ́ 33. Nínú RC, èkejì ti di 27. Bí bátìrì bá wà ní fóòtì 14.4, níbi tó yẹ kí gbígba iná rẹ̀ dúró, áísì RB yóò rí fóòtì 3.57, ti RC yóò rí 3.06. Prógíráàmù ló máa ń ṣe ìṣirò padà kó lè mọ iye tó wà lórí bátìrì gan-an.

Wàyí o, ká ní ẹni tó gba iṣẹ́ gbé prógíráàmù 1.3.2 sórí bọ́ọ̀dù RC. Bátìrì ti dé 14.4, áísì rí 3.06, ṣùgbọ́n prógíráàmù náà rò pé rẹsítọ̀ 33 ló wà níbẹ̀, ó sì kà á sí fóòtì 12.3. Lójú rẹ̀, bátìrì kò tíì kún. Á máa rọ iná sí i títí bátìrì yóò fi dé nǹkan bí 16.8. Bátìrì olómi tó bá dé ibẹ̀ á máa hó, omi rẹ̀ á máa gbẹ, gáàsì tó lè gbiná á sì máa jáde lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé 2.0.0 ni wọ́n gbé sórí RB, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: gbígba iná á dúró ní 12.3, bátìrì kò ní kún láé, oníbàárà á sì máa bú ẹni tó ta bátìrì fún un.

Iná kò ní kú, ẹ̀rọ kò ní rú èéfín, ohun gbogbo á dà bíi pé ó ń lọ déédéé. Mítà nìkan ló lè tú àṣírí náà. Kí á fi mítà kan ẹnu bátìrì, kí á sì wo ohun tí ojú kọ̀ntúrólà ń sọ. Bí mítà bá sọ 14.4 tí kọ̀ntúrólà sọ 12.3, prógíráàmù àti bọ́ọ̀dù kò bára mu. Ìdí rèé tí tábìlì kékeré yìí fi gbọ́dọ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà:

```
board   firmware        R2
RB      1.0.0 - 1.3.2   33k
RC      2.0.0 -         27k
```

Irú àìbáramu bẹ́ẹ̀ ti ṣe àwọn tó tóbi ju wá lọ. Ní 2006, Airbus kéde pé ọkọ̀ òfurufú A380 yóò pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣèlérí lọ. Ara ohun tó fà á ni pé àwọn tó wà ní Hamburg ń fi CATIA V4 ya àwòrán, àwọn ti Toulouse sì ń lo V5. Nígbà tí wọ́n kó wáyà wá láti máa so ó pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kúrú, kò dé ibi tó yẹ kó dé.

Tábìlì nìkan kò tó. Ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ kọ ìdí ìyípadà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ló dé tí 33 fi di 27? Bí oníbàárà bá yọ bátìrì nígbà tí oòrùn ń ràn, fóòtì páńẹ́ẹ̀lì á bọ́ sórí ẹnu ibi tí bátìrì wà, ó sì lè tó 22. Pẹ̀lú rẹsítọ̀ 33, áísì á rí nǹkan bí fóòtì 5.5, á sì jó. Pẹ̀lú 27, kò ní ju 4.7 lọ. Bí a kò bá kọ èyí, ẹni tuntun tó bá rí rẹsítọ̀ 33 rẹpẹtẹ nínú sítọ́ọ̀ á pinnu láti lò ó tán, áísì á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìwé náà tó? Kí ẹni tó ń bọ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹni tó ń lọ dákẹ́. Kí ẹni tuntun tẹ̀ lé ìwé náà nìkan, kó mú fáìlì jáde, kó gbé prógíráàmù sórí bọ́ọ̀dù kan, kó sì fi mítà wò ó bóyá ó dúró ní 14.4. Ibẹ̀ ni ohun tó fara pamọ́ ti máa ń jáde. Àwòrán bọ́ọ̀dù á máa wá èròjà nínú `C:\Users` ẹni tó ń lọ, níbi tí wọ́n máa pa rẹ́ lọ́jọ́ tó bá jáde. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan á sì wà tó jẹ́ pé orí ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Gbogbo ibi tí ẹni tuntun bá ti béèrè nǹkan ni ìwé náà ti ṣófo, ibẹ̀ ni kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́, ẹ má ṣe dá ìwé yìí dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ ní kí tábìlì bọ́ọ̀dù àti prógíráàmù wà láti ọjọ́ tí ọjà àkọ́kọ́ bá jáde, kí ẹ sì tẹ lẹ́tà ẹ̀dà sára bọ́ọ̀dù níbi tí ojú ti lè rí i. Ẹ má sì buwọ́ lu ìwé ẹni tó ń lọ títí ẹni tó ń bọ̀ yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan jáde.