Fọ́tò Ìkéde Iṣẹ́ Dé: Báwo La Ṣe Máa Kọ Lẹ́tà Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ inú ìwé ìròyìn kì í dé ọwọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ ní odindi. Ẹ̀gbọ́n á rí i lọ́fíìsì, á fi àlùmọ́gàjí gé e, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lórí Wáásáàpù. Ohun tí àlùmọ́gàjí gé dànù ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Òkè ojú ewé ni wọ́n ń tẹ ọjọ́ ìwé ìròyìn sí, ọ̀pọ̀ ìkéde sì máa ń ní kí lẹ́tà wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ tí ìkéde jáde. Tí a kò bá mọ ọjọ́ yẹn, a kò lè mọ ìgbà tí àyè tì. Nítorí náà, ká kọ́kọ́ bi ẹni tó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ pé ìwé ìròyìn wo ni, ti ọjọ́ wo. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè ṣì máa kiri lórí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n ti gba èèyàn tán.

Àdírẹ́sì ímeèlì ló tún máa ń ṣini lọ́nà. Bébà ìwé ìròyìn fẹ́lẹ́, ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ a sì máa hàn síwájú nínú fọ́tò. Tí gígé náà bá ṣì wà, kí ẹ̀gbọ́n fi bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀, kó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó tún un yà nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ láìtan iná kámẹ́rà. Kó wá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, nítorí Wáásáàpù máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ á sì di bàìbàì. Lẹ́yìn náà ni ká wò ó bóyá 1 ni tàbí l, bóyá rn ni tàbí m. Tí àdírẹ́sì bá gé sí ìlà méjì, ká ṣọ́ra fún àmì kékeré - tó wà níbi tó ti gé, torí ó lè jẹ́ pé atẹ̀wé ló fi síbẹ̀ láti fi so ìlà pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìkéde kan ṣàpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ nítòsí Ìbàdàn ń wá ẹni tó máa bójú tó sítọ́ọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní dípúlómà Pólì, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta nídìí iṣẹ́ sítọ́ọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ Excel lò. Wọ́n fi kún un pé yóò dára tó bá ń gbé ládùúgbò. Mẹ́ta àkọ́kọ́ pọn dandan. Èyí tó kẹ́yìn kò ju àfikún lọ. Bí ìkéde ṣe tò wọ́n yìí ni kí lẹ́tà ṣe dá wọn lóhùn, nítorí ẹni tó ń ṣa lẹ́tà máa ń yẹ ohun tí wọ́n béèrè wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká ní obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ ilé búrẹ́dì fún ọdún méjì fẹ́ kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì ni ìkéde wá. Tó bá kọ pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ kára, kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó lè sọ ni pé, “Èmi ni mo ń gba ìyẹ̀fun àti ṣúgà wọlé. Mo ń ka àpò, mo ń fi iye rẹ̀ wé wébíìlì kí n tó buwọ́ lù ú, mo sì ń rí i pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde. Gbogbo òpin oṣù ni mo ń ka ohun tó kù, tí mo ń fi wé àkọsílẹ̀ orí Excel.” Ẹni tó ń tọ́jú àgbàdo àti sóyà máa gbọ́ ọ yé, nítorí ọkà tó bá pẹ́ nílẹ̀ jù, kòkòrò á jẹ ẹ́.

Ọdún mẹ́ta ńkọ́, nígbà tí méjì ló ní? Ó ti lo ọdún kan ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ìyẹn ọdún tí àwọn ọmọ Pólì fi ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn dípúlómà. Kó dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀, kó sọ pé ìgbà ìkọ́ṣẹ́ ni, kó má sì dà á pọ̀ mọ́ ọdún méjì yẹn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni. Tí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n máa fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ dípúlómà gan-an ni kò ní, kó wá ìkéde mìíràn, nítorí lẹ́tà dídùn kò lè dípò rẹ̀.

Ojú ewé kan ṣoṣo ti tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kó kọ orúkọ iṣẹ́ náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, orúkọ ìwé ìròyìn àti ọjọ́ rẹ̀. Tí ìkéde bá ní nọ́ńbà ìtọ́ka, kó kọ ọ́ sí orí ímeèlì náà, torí iṣẹ́ mélòó kan lè jọ máa lo àdírẹ́sì kan, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n sì máa fi mọ èyí tí lẹ́tà rẹ̀ wà fún.