Sólà Kékeré fún Ṣọ́ọ̀bù: Oṣù Mélòó Ni Yóò Fi Pa Owó Rẹ̀ Padà?

Iye iná tí ṣọ́ọ̀bù kan ń lò lójúmọ́ ló ń pinnu iye tí sólà rẹ̀ yóò jẹ́. Ká wo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní ìlú bíi Ìbàdàn tàbí Òṣogbo: fáànù kan, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, kilípà méjì, gílóòbù méjì, àti fóònù àwọn oníbàárà tó ń gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fáànù tó ń lo 50 wáàtì yóò jẹ 400 láàárín wákàtí 8. Tẹlifíṣọ̀n yóò jẹ 300 láàárín wákàtí 6. Àwọn yòókù lápapọ̀ yóò jẹ bíi 300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000, èyí tí í ṣe yúníìtì kan ṣoṣo lórí mítà NẸ́PÀ.

Yúníìtì kan yìí ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní áì-pàásì-máì-néébọ̀ ń jó lítà epo 3 fún. Ẹ́ńjìnì náà lè gbé 650 wáàtì, àmọ́ bí ẹrù tí wọ́n gbé lé e kò tilẹ̀ tó 150, yóò ṣì máa yí lọ, epo tó ń jó kò sì ní dín kù tó bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dín kù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ni òfò yìí ti di ẹrù tó wúwo. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, tí ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo jẹ́ 200 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 26 yóò gba 83,200 náírà. Bí wọ́n bá fi 5,000 kún un fún púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì, ó di 88,200 lóṣù.

Ohun tí ṣọ́ọ̀bù yìí nílò ni páńẹ́ẹ̀lì 450 wáàtì kan, bátìrì lítíọ́ọ̀mù 12 fóòlìtì tó jẹ́ 100 áḿpù, ìnfátà kékeré àti kọntirólà. Owó ọjà kì í dúró sójú kan, nítorí náà, ìṣirò nìkan ni àwọn iye yìí wà fún: páńẹ́ẹ̀lì 100,000 náírà, bátìrì 300,000, ìnfátà àti kọntirólà 150,000, wáyà, bíréékà àti irin 60,000, owó iṣẹ́ 40,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 650,000 náírà.

Kọntirólà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù láìmọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì yìí ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 41 fóòlìtì, bátìrì sì wà láàárín 12 sí 14. Kọntirólà tó jẹ́ MPPT máa ń yí èyí tó ṣẹ́kù padà sí áḿpù; PWM kì í ṣe bẹ́ẹ̀, 450 wáàtì á di bíi 150. Àwọn PWM kan sì wà lọ́jà tí wọ́n kọ MPPT sí lára. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn mú tí bátìrì kò sì tíì kún, áḿpù tó ń wọ bátìrì yẹ kó ju 20 lọ. Bí kò bá kọjá 11 rárá, PWM ni.

Wàyí o, sólà kò lè lé jẹnẹrétọ̀ jáde pátápátá. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, oòrùn tó mú dáadáa kì í ju bíi wákàtí 3 lọ lójúmọ́, ohun tí páńẹ́ẹ̀lì kan bá sì mú wá nígbà náà kàn tó ṣọ́ọ̀bù náà ni. Bí òjò bá rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tàbí tí òjìji ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bo páńẹ́ẹ̀lì, kò ní tó. Ká fi ọjọ́ 3 lóṣù sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀, ìyẹn 9,600 náírà. Ó tún yẹ kí wọ́n máa tọ́jú 5,000 lóṣooṣù, kí owó bátìrì tuntun lè wà nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 5. Ohun tó kù nínú 88,200 jẹ́ 73,600. Bí wọ́n bá fi èyí pín 650,000, oṣù 9 ni sólà náà yóò fi pa owó rẹ̀ padà. Ẹni tó bá gbàgbé owó bátìrì nínú ìṣirò yóò rò pé òun jèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí bátìrì yóò fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bátìrì yìí náà ló sì yẹ kí wọ́n dán wò kí wọ́n tó san owó tán. Bí ó bá kún, kí wọ́n gbé ohun tó ń lo 100 wáàtì sí i: ó yẹ kó gbé e fún bíi wákàtí 10. Bí ó bá kú ní wákàtí karùn-ún, kò tó 100 áḿpù tí wọ́n kọ sí i lára, oṣù 9 náà kò sì ní ṣẹ. Áyọ́ọ̀nù aṣọ tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun kò bá sólà oníwọ̀n yìí lọ. Wákàtí kan péré tó láti gbá gbogbo iná inú bátìrì.

Ṣọ́ọ̀bù tí NẸ́PÀ ń dé dáadáa, tó jẹ́ lítà epo kan ló ń rà lójúmọ́, kò ná ju bíi 31,000 lọ lóṣù lórí epo àti ọ́ìlì. Sólà kan náà yóò gba tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó pa owó rẹ̀ padà níbẹ̀. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lè kọ́kọ́ ra bátìrì àti ìnfátà, kí iná NẸ́PÀ máa gba agbára sí i, kí wọ́n sì ra páńẹ́ẹ̀lì nígbà tí owó bá tún wà.