Lẹ́tà Olùkọ́ sí Awalẹ̀pìtàn

Olùkọ́ ìtàn kan ní Ilé-Ifẹ̀ lè kọ̀wé sí awalẹ̀pìtàn pé: "Ẹ jọ̀wọ́, a fẹ́ kó àwọn ọmọ wá wo ibi tí ẹ ti ń walẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀." Ọ̀wọ̀ wà nínú lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò ní mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ọmọ mélòó ni? Àwọn wo ló ń kó wọn bọ̀? Ṣé kòtò náà yóò ṣì wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ Ẹtì?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ṣe kókó jù. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn awalẹ̀pìtàn sábà máa ń walẹ̀ nílẹ̀ wa, nítorí pé òjò máa ń kún inú kòtò, a sì máa wó ògiri rẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọn kòtò, tí wọ́n yà á ní àwòrán, tí wọ́n sì kọ ohun gbogbo sílẹ̀, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ padà sínú rẹ̀. Olùkọ́ tó bá dúró di oṣù Kẹfà kó tó kọ̀wé lè kó ọmọ lọ wo ilẹ̀ tí koríko ti bò. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé ló yẹ kí lẹ́tà ti dé, kó sì jẹ́ pé ó ń béèrè ọjọ́ ni, kì í ṣe pé ó ń dá a.

Ẹ jẹ́ ká fi Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín ọdún 2010 sí 2012, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá walẹ̀ níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n rí lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì sì lé ní 800. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé gíláàsì òkè òkun ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Àyẹ̀wò èròjà inú ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí fi hàn pé àwọn baba wa ló fúnra wọn ṣe gíláàsì náà láti inú ohun tí ilẹ̀ wọn ní, ní nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15.

Olùkọ́ tó ti ka èyí yóò kọ̀wé tó yàtọ̀. Ó lè rí báyìí:

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ 36 ni a fẹ́ kó wá, wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12 sí 14, olùkọ́ 4 ni yóò sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa sẹ̀gi àti adé ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mọ bí ẹ ṣe ń mọ èyí tó pẹ́ jù nínú ohun tí ẹ bá wú. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn? Mélòó ni ẹ lè gbà lẹ́ẹ̀kan? Bí ẹ bá ti dí kòtò, ṣé a lè wo àwọn ohun tí ẹ rí? Ta ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ kí kí a tó wọ inú igbó náà?"

Iye ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Bí ọmọ 36 bá jọ rọ̀gbà yí kòtò ká, etí rẹ̀ á ya, iyẹ̀pẹ̀ òkè á sì já sórí ti ìsàlẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ogiri kòtò, tó jẹ́ ìwé tí awalẹ̀pìtàn ń kà, ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń wò lára rẹ̀: ìpele pupa lè wà lábẹ́, kí eérú àti èédú wà lórí rẹ̀, kí ilẹ̀ dúdú sì bo gbogbo rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló sábà máa ń pẹ́ jù.

Àmọ́ ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wú ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun, kódà kí Frobenius ará Jámánì tó débẹ̀ lọ́dún 1910. Ihò àwọn tó ń wá ìlẹ̀kẹ̀ máa ń gba àárín àwọn ìpele náà kọjá. Ilẹ̀ inú rẹ̀ máa ń rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì dàpọ̀ mọ́ra. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá rí nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ọjọ́ orí ibi tó wà. Ẹ ní kí awalẹ̀pìtàn fi ààlà ihò náà han àwọn ọmọ, kí wọ́n fúnra wọn tọ́ka sí ibi tí ìpele ti já.

Iṣẹ́ kan wà tí ọmọ lè ṣe: jíjọ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti wà jáde, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun kò tó mílímítà 5, ajọ̀ nìkan ló sì lè mú wọn. Ohun tí ọmọ bá rí gbọ́dọ̀ wọ inú àpò tí wọ́n kọ nọ́ńbà kòtò àti ìpele sí. Èyí tó bá wọ àpò ṣòkòtò ọmọ ti pàdánù ìtàn rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ dá a padà lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó fẹ́ lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹ tètè kọ lẹ́tà yín. Bí ẹ kò bá mọ awalẹ̀pìtàn kankan, ẹ béèrè ní mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí ní ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i.