Ìsopọ̀-Mọ́lẹ̀ àti Ààbò Iná Mànàmáná nínú Bálùwẹ̀: Àyẹ̀wò Oríkì Ọ̀rọ̀ Kan

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni oríkì tí ó yẹ kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ fún iṣẹ́ tí wáyà ilẹ̀ ń ṣe nínú ilé, pàápàá jù lọ nínú bálùwẹ̀. Ìdìpọ̀ méjèèjì Èdè-Ìperí Yorùbá, tí ó jáde ní 1984 àti 1990, dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Wọn kò kan ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Nítorí náà, ìtumọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ni a sábà máa ń bá nínú ìwé: a ní wáyà ilẹ̀ ni wáyà tí ń rán iná lọ sínú ilẹ̀. Ìtumọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ènìyàn rò pé ilẹ̀ ni ó ń gbé iná mì, àti pé bí a bá ti ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀, ewu ti tán. A ó fi hàn pé èrò yìí lè pa ènìyàn.

2. Wáyà mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta

Wáyà mẹ́ta ni ó ń dé ìdí ẹ̀rọ amómigbóná. Wáyà oníná ni ó ń gbé iná wá láti ọ̀dọ̀ tiransifọ́mà. Wáyà kejì ni iná náà ń gbà padà. Wáyà kẹta, èyí tí a so mọ́ ara irin ẹ̀rọ, kì í gbé iná kankan ní ọjọ́ tí nǹkan bá gún régé.

A ti kọ́kọ́ rò ó láti pe èkejì ní wáyà àbọ̀, kí a sì pe ẹ̀kẹta ní wáyà ààbò. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì súnmọ́ra jù, bẹ́ẹ̀ ni àṣìgbọ́ níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nítorí náà wáyà ìdápadà ni a yàn fún èkejì. A fi wáyà ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kẹta, nítorí pé ó ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún ni kí a fi ọ̀rọ̀ náà, ilẹ̀, sínú orúkọ wáyà ìdápadà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a so òun náà mọ́lẹ̀ ní ìdí tiransifọ́mà. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n ni ó máa ń fi ọ̀pá ilẹ̀ rọ́pò wáyà ìdápadà tí ó já. Láti ìgbà náà lọ, bí ọ̀pá náà bá já, gbogbo irin tí a so mọ́ ọn yóò di oníná.

3. Àpẹẹrẹ ilé kan ní Òsì

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Òsì, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ amómigbóná inú rẹ̀ jẹ́ 3,000 wáàtì, iná ilé sì jẹ́ 230 fóltì. Bí a bá pín 3,000 sí ọ̀nà 230, ẹ̀rọ náà ń gba nǹkan bí 13 áńpíà. Búrékà 20 áńpíà ni a fi ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ri ọ̀pá kọ́pà kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kan, irin tí ń gbóná nínú ẹ̀rọ náà sán, iná sì kan ara irin ẹ̀rọ. Kí ni ilẹ̀ yóò ṣe? Iná kò dúró sínú ilẹ̀. Ńṣe ni ó ń wá ọ̀nà padà sí ìdí tiransifọ́mà tí ó ti wá, ilẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà tí ó le. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó rọrùn kí ìdènà ìdí ọ̀pá kan tó 100 òómù. Bí ti ìdí tiransifọ́mà bá jẹ́ 10, àpapọ̀ rẹ̀ di 110:

230 ÷ 110 = 2.1 áńpíà

Búrékà 20 áńpíà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, nǹkan bí 209 fóltì wà lára irin ẹ̀rọ náà, ó sì lè wà lára páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó jẹ́ irin. Ẹni tí ó wà nínú omi, tí ìdènà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé 1,000 òómù, lè gba ìdá márùn-ún áńpíà kan sára. Ìwọ̀nba ìdá 30 nínú 1,000 áńpíà ti tó láti fa ikú bí kò bá tètè já.

Ohun tí ó lè gbà á là ni ohun-èlò tí ń fi iná tí ó lọ wé iná tí ó padà. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ti tó ìdá 30 nínú 1,000 áńpíà, yóò já iná lójú ẹsẹ̀. A ò pè é ní aṣọ́-iná-jíjò, nítorí bí àmì ohùn bá bọ́ kúrò nínú ìwé, jíjó ni òǹkàwé yóò kà. A pè é ní aṣọ́-aṣìnà. Pẹ̀lú ọ̀pá 100 òómù kan náà, ìwọ̀n tí ó ń jẹ́ kí aṣọ́-aṣìnà já kò lè gbé ju fóltì 3 lọ sára irin ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bọ́tìnì ìdánwò ara rẹ̀ ń fi hàn pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò fi hàn pé wáyà ilẹ̀ kò já. Ìyẹn gba kí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Bákan náà, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni a kò so wáyà ìdápadà wọn mọ́lẹ̀. Bí ilé bá ń lo irú rẹ̀, iná tí ó ṣìnà kò ní ojú-ọ̀nà tí yóò gbà padà, aṣọ́-aṣìnà sì lè má já. Èyí nìkan tó láti fi hàn pé ilẹ̀ kì í gbé iná mì. Ní gbogbo ìgbà, bí ẹnu ẹ̀rọ omi bá ń ta ènìyàn lọ́wọ́, àmì ewu ni. Kí a pa iná ẹ̀rọ náà láti ìta, kí a má sì tún fọwọ́ kàn án títí òṣìṣẹ́ yóò fi dé.

4. Súwíìṣì ìyàsọ́tọ̀

Súwíìṣì lásán ń já wáyà kan ṣoṣo. Bí ẹni tí ó fa wáyà bá ṣì wọ́n gbé, tàbí tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ṣì wọ́n so lórí òpó nígbà àtúnṣe, wáyà ìdápadà ni súwíìṣì náà yóò máa já. Ẹ̀rọ yóò kú, ṣùgbọ́n iná yóò ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń lo súwíìṣì tí ń já wáyà oníná àti wáyà ìdápadà pọ̀. Súwíìṣì ìyàsọ́tọ̀ ni a pè é, nítorí pé ó ń ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára iná. Ti ẹ̀rọ wa yìí gbọ́dọ̀ lè gbé 20 áńpíà, ìta ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ sì ni ààyè rẹ̀. Kì í já wáyà ilẹ̀ rárá.

5. Ààyè sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ amómigbóná

Ìlànà fífa wáyà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BS 7671, béèrè pé kí sọ́kẹ́ẹ̀tì jìnnà tó mítà 3 sí etí ibi ìwẹ̀. Ní 2022 ó di mítà 2.5. Níbi tí ṣáwà kò bá ní àwo lábẹ́, mítà 1.2 yí ẹnu rẹ̀ ká ni a ń kà sí ibi ìwẹ̀. Bálùwẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 2.4 sí 1.5 kò ní igun kan tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ibẹ̀ ni pé kí sọ́kẹ́ẹ̀tì má sí nínú rẹ̀ rárá; bí ó bá wà níbẹ̀, ẹnìkan yóò fi ki irin abomigbóná bọ inú bókẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ amómigbóná ní tirẹ̀, kí a kàn án mọ́ ògiri kí ìdí rẹ̀ ga ju mítà 2.25 lọ sílẹ̀, kí wáyà rẹ̀ sì wọ inú súwíìṣì ìyàsọ́tọ̀ tààrà láìní púlọ́ọ̀gì.

6. Oríkì tí a dábàá

Ìsopọ̀-mọ́lẹ̀ ni síso gbogbo irin tí ọwọ́ lè kàn mọ́ ojú-ọ̀nà tí iná aṣìnà lè gbà padà sí orísun rẹ̀, lọ́nà tí ohun-èlò ajániná yóò fi já a kí ó tó pa ènìyàn. Ilẹ̀ wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n jíjá iná ni òpin iṣẹ́ rẹ̀. Oríkì tí kò bá dárúkọ ohun tí yóò já iná náà kò tíì pé.