Kíkọ Àpèjúwe Ọjà ní Èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: Àpẹẹrẹ Láti Inú Aṣọ Òkè Sányán

Ìfáárà

Aṣọ òkè tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn lè dé ọwọ́ olùrajà ní Lọ́ńdọ̀nù láìjẹ́ pé ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á fojú kanra. Àpèjúwe ọjà ni ó ń ṣe alárinà fún wọn lórí ayélujára. Ohun tí a ń pè ní àpèjúwe ọjà nínú iṣẹ́ yìí ni àkọlé ọjà, àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn ọ̀rọ̀ atọ́ka tí a fi ń wá a rí. Bí olùrajà kò bá tẹ ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn, ó ṣeé ṣe kí ó má rí ọjà náà rárá. Bí ó bá sì rí i, tí Yorùbá ń sọ ọ̀tọ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ọ̀tọ̀, ìjà ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Gèlè àti ìpele sányán ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí olùrajà ṣe ń tẹ orúkọ ọjà

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí a tó kọ ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ bí àwọn tí ń wá ọjà náà ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ Yorùbá tó mọ sányán kì í sábà fi àmì sí i lórí fóònù. `aso oke sanyan` tàbí `asooke` ni yóò tẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ tí wọ́n pè sí ìgbéyàwó, lè tẹ `head wrap`. Ọmọ Nàìjíríà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì wá a yóò tẹ `head tie`. Èyí fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn olùrajà pàápàá kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn díẹ̀ sì wà tí wọn yóò tẹ *aṣọ òkè* tàmìtàmì.

Nítorí náà, orúkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀nà méjì: èyí tí kò ní àmì, fún wíwá, àti èyí tó ní àmì, fún kíkà. Kò yẹ kí a túmọ̀ orúkọ náà. Bí a bá tú *aṣọ òkè* sí `top cloth`, a ti ṣe ìtumọ̀ tí olùrajà kankan kò ní tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ní ewu tirẹ̀. `etu` lè jẹ́ *ẹtu* tí ọdẹ ń pa, *ẹ̀tù* inú ìbọn, tàbí *ẹtù*, aṣọ òkè aláwọ̀ aró. Kódà bí a fi àmì sí i, ẹyẹ *ẹtù* àti aṣọ *ẹtù* kò yàtọ̀ síra. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ `aso oke etu`, kí a má fi `etu` nìkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dárúkọ irú ọjà náà ló ń ṣe iṣẹ́ tí àmì ohùn ìbá ṣe.

Àkọlé àti ọ̀rọ̀ atọ́ka

Lórí `Etsy`, àkọlé kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 140 lọ, a sì máa ń ka àlàfo mọ́ ọn. Èyí ni àkọlé tí a dá lábàá:

```
Aso Oke Sanyan Gele and Ipele, Handwoven Beige Cotton Head Wrap and Shawl, Aṣọ Òkè Sányán
```

Kò tó lẹ́tà 90. Orúkọ tí kò lámì ló ṣáájú, nítorí pé apá ìbẹ̀rẹ̀ ni olùrajà máa ń rí lójú fóònù kí ó tó ṣí ojú ewé náà. Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàlàyé ohun tí ọjà náà jẹ́ tẹ̀ lé e, orúkọ tó lámì sì kádìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ atọ́ka 13 ni ojú ewé yìí kan náà fún ọjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 20 lọ. `nigerian wedding gele` jẹ́ 21, kò lè wọlé. `yoruba wedding gele` jẹ́ 19, ó wọlé. Ibí ni a ó ti fi `asooke` àti `head tie` sí, nítorí pé wọn kò sí nínú àkọlé.

Àlàyé ní èdè méjèèjì

Ohun tí olùrajà kọ̀ọ̀kan fẹ́ mọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ìpele ń ṣe. Òwú tí wọ́n fi hun ún ni yóò béèrè. Ẹni tí kò gbọ́ ọ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń fi ìpele sí lára. Nítorí náà, a kì í tú àlàyé náà ní gbólóhùn sí gbólóhùn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n, àwọ̀, iye owó àti irú òwú gbọ́dọ̀ bára mu.

Irú òwú ni ó ń fa wàhálà jù. Láyé àtijọ́, òwú ṣẹ́dà tí wọ́n ń rí nínú ilé kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun sányán. Lónìí, ọ̀pọ̀ aṣọ tí a ń pè ní sányán jẹ́ òwú lásán tó ní àwọ̀ sányán. Ní Yorùbá, irọ́ kọ́ ni bí a bá pè é ní sányán, nítorí orúkọ náà ti di orúkọ àwọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ `silk` sí apá Gẹ̀ẹ́sì, a ti ṣèlérí ohun tí kò sí nínú ẹrù. Olùrajà lè dá a padà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. A dábàá pé:

```
Sányán aláwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Òwú la fi hun ún, kì í ṣe ṣẹ́dà.
Beige sanyan colour. Woven from cotton, not silk.
```

Ìwọ̀n ló tẹ̀ lé e. Ká ní gèlè náà gùn ní yáàdì 2, kí a kọ ínǹṣì 72 sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti fífẹ̀ rẹ̀, ìlà aṣọ òkè kan sábà máa ń tó nǹkan bí ínǹṣì 4. Bí a bá rán ìlà 5 pọ̀, ènìyàn lè rò pé 20 ni, ṣùgbọ́n ojú rírán ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kí a wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí télọ̀ bá ti rán an tán.

Bí a ṣe lè dán an wò

Ẹ̀rọ ìwádìí kan lè fojú fo àmì, òmíràn lè má fojú fò ó. Kí a fi fóònù ẹlòmíràn tẹ `aso oke sanyan`, *aṣọ òkè sányán* àti `beige head wrap` sínú àpótí ìwádìí, kí a sì wo èyí tí ọjà náà jáde nínú rẹ̀. Ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí náà kí a fi orúkọ ìsọ̀ kún un kí a tó sọ pé kò jáde.

Bí èyí tó lámì nìkan kò bá jáde, ẹ jẹ́ kí a wo àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ẹ̀rọ ní kóòdù fún *ẹ* olójú kan tó jẹ́ odindi, `U+1EB9`. Àwọn kan ń fi `U+0329` fa ìlà kékeré sábẹ́ *e*. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lẹ́tà olójú kan ni kí a lò jákèjádò, bẹ́ẹ̀ náà ni fún *ọ* àti *ṣ*.

Àgbálọgbábọ̀

A dábàá pé kí olùkọ́ àkọtọ́ gbé ọjà kan sílẹ̀ ní kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ apá Yorùbá, kí òmíràn kọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹnì kẹta tí kò rí ọjà náà wá ka méjèèjì, kí ó sì kọ ìwọ̀n, àwọ̀ àti irú òwú tó bá nínú apá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ibi tí ohun tó kọ kò bá ti dọ́gba ni àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.