Lẹ́tà Sí Káńsù Lórí Títì Tí Omi Ń Bò
Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, omi títì yẹn ti ba ẹrù ọjà wa jẹ́ tó. Ṣùgbọ́n bí ẹnjiníà káńsù bá dé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò bá. Ìdí nìyí tí àwa ará àdúgbò n'Íbàdàn fi so máàpù mọ́ lẹ́tà wa. A fi yíǹkì pupa sàmì sí ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, a sì kọ nọ́ńbà tí fóònù fi hàn níbi méjèèjì.

Ẹ ṣọ́ra o! N'Íbàdàn, nọ́ńbà tó fi 7 bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣíwájú, èyí tó fi 3 bẹ̀rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, inú òkun ni títì yín bọ́ sí yẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn póìntì. Méjì péré lè fi bí ìdajì kìlómítà ṣì wọ́n lọ́nà.