Bí Irin Àgbá Afẹ́fẹ́ Ṣe Yẹ Kó Nípọn Tó

Ẹ wo àgbá ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà lẹ́bàá títì. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká po, wẹ́dà sì jó ẹnu rẹ̀ pọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí wọ́n tó fi ìdérí tó wú síta díẹ̀ dí i lọ́tùn-ún lósì. Bí ara àgbá bẹ́ẹ̀ bá bẹ́ nítorí pé irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, gígùn ló sábà máa ń ya, kì í já sí méjì lágbede méjì. Ohun tó fa èyí náà ló ń sọ bí irin ọ̀hún ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó.

Ká mú àgbá kan tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 400, tí gígùn ara rẹ̀ jẹ́ mítà kan. Géèjì rẹ̀ dúró sórí báà 10. Nínú àgbá yìí, gbogbo ojú irin tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró ni afẹ́fẹ́ ń tì síta bí ẹni pé ẹrù kílò 10 jókòó lé e. Tí a bá fi mìlímítà wọ̀n ọ́n, níútọ̀nù kan ni ó bọ́ sórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe lè la iṣu lóòró, tàbí ká gé e ní ìṣù ìṣù, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè fojú inú gé àgbá yìí lọ́nà méjì. Ká kọ́kọ́ là á lóòró. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ́ ti ìlàjì kan sókè, kó ti ìkejì sísàlẹ̀. Àyè tó ti ń tì wọ́n jẹ́ mìlímítà 400 níbùú, 1,000 lóòró, nítorí náà agbára rẹ̀ jẹ́ níútọ̀nù 400,000. Ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù 40 nìyẹn, nínú àgbá tí ènìyàn méjì lè gbé! Kí ló wá di ìlàjì méjèèjì mú? Etí irin méjì péré ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí irin náà bá nípọn ní mìlímítà 5, etí méjèèjì jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 10,000 lápapọ̀. Tí a bá pín ẹrù náà fún wọn, níútọ̀nù 40 ló kan mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ìfà yìí ń yí ara àgbá ká, bíi kó fẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìfà àyíká.

Ó ku ká gé e lágbede méjì. Nísinsìnyí, ìdérí ọ̀tún àti tòsì ni afẹ́fẹ́ fẹ́ tì kúrò lára ara wọn. Àyè tó ti ń tì wọ́n jẹ́ òbìrí, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà onígun mẹ́rin 125,700. Ṣùgbọ́n irin tó ń dì í mú yí òbìrí náà ká pátápátá, ó sì tó mìlímítà onígun mẹ́rin 6,283. Ẹ pín in, ẹ ó rí níútọ̀nù 20. Ìfà olóòró nìyí, ìdajì ìfà àyíká ni géérégé. Bí àgbá bá tóbi bí ó bá kéré, ìdajì náà ni yóò máa jẹ́. Ní kúkúrú, tí p bá jẹ́ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, tí D jẹ́ ìbú àgbá, tí t jẹ́ ìnípọn irin:

ìfà àyíká = p × D ÷ (2 × t)

ìfà olóòró = p × D ÷ (4 × t)

Gígùn àgbá kò sí nínú rẹ̀ rárá. Bí àgbá bá gùn sí i, ẹrù rẹ̀ pọ̀ sí i, àmọ́ irin tó ń gbé ẹrù náà pọ̀ sí i bákan náà. Ìbú ni ẹ̀rù yẹ kó bà wá. Àgbá tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ ní irin tó nípọn ní ìlọ́po méjì. Ìṣirò yìí ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí irin bá fẹ́lẹ́ dáadáa sí ìbú àgbá, ká sọ pé kò ju ìdá mẹ́wàá ìdajì ìbú rẹ̀ lọ. Ní ẹ̀bá ìdérí àti níbi tí wọ́n bá ti lu ihò sí, ìfà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnjiníà sì máa ń ṣírò àwọn ibẹ̀ lọ́tọ̀.

Ojú ìjó gígùn, èyí tí wẹ́dà fi dé ẹnu irin tí wọ́n ká po, ìfà àyíká ni ó ń gbé. Tí ìdérí ń gbé ìdajì rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1905, bọ́ílà kan bẹ́ nílé iṣẹ́ bàtà Grover ní ìlú Brockton, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 58 sì kú. Láti ara ìsẹ́ tó fara pamọ́ sí ibi tí irin ti gorí irin ni wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1915, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ń jẹ́ ASME gbé ìwé òfin bọ́ílà wọn àkọ́kọ́ jáde.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí a lo gbogbo agbára tí irin ní. Irin lásán tí a ń rí lọ́jà lè gba níútọ̀nù bíi 400 kó tó já, ó sì ti máa ń nà láìpadà bọ̀ sípò ní 250. Ká fún tiwa ní 100 péré. Nítorí pé a kò fi ẹ̀rọ yẹ ojú ìjó náà wò, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ni a ó kà sí. Níútọ̀nù 70 ló kù. Ẹ fi 1 lọ́nà 400 pín sí 2 lọ́nà 70: mìlímítà 2.86 ni irin náà gbọ́dọ̀ nípọn, ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi 1.5 kún un fún ohun tí ìpẹtà yóò jẹ. Ó di 4.36. Irin mìlímítà 5 la ó rà.

Díẹ̀ tí a fi kún un yìí ló ń dáàbò bo ẹni tó dúró ti àgbá. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fún pọ̀ máa ń fi omi sílẹ̀ nínú àgbá, omi náà á sì rọra dúró sí ìsàlẹ̀. Tí wọn kò bá ń ṣí ìdè ìsàlẹ̀ kí omi jáde, ibẹ̀ ni irin á ti máa fẹ́lẹ́, nígbà tí ọ̀dà ìta ń dán gbinrin. Bí ó bá ku mìlímítà 2, ìfà àyíká ti di 100. Bí ó bá ku mìlímítà kan, ó ti di 200, ìyẹn nígbà tí ìpẹtà bá jẹ ẹ́ déédéé. Ó sì máa ń gbẹ́ ihò kéékèèké tó jìn ju ìyókù lọ. Èyí ló fi jẹ́ pé ihò tó ń yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ àgbá kì í ṣe ohun tí à ń pe wẹ́dà sí. Irin tó yí i ká ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí iná ìjó gan-an lè lu òmíràn síbẹ̀, ẹ̀yà tí wọ́n bá sì lẹ̀ mọ́ ọn kò fi ìnípọn kankan kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tó dára láti mọ ohun tó kù ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìró wọn ìnípọn irin láti ìta. Ìkejì ni kí wọ́n rọ omi kún àgbá náà bámú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé báà 13. Omi ni kí wọ́n lò, kì í ṣe afẹ́fẹ́, nítorí omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Tí irin bá ya, omi á tú jáde, géèjì á sì wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìsí ohun tí yóò ju irin sí ẹnikẹ́ni lára.